Kílò Ò Yẹ̀, Ṣòkòtò Ló Ń Bọ́

Nílé wa ní Ìkìrun, ẹni tó bá rù, ojú àìsàn ni wọ́n fi ń wò ó. Bàbá wa ló kọ́kọ́ rù. Láàárín oṣù mélòó kan, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù ú lọ, òùngbẹ ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kí á tó mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ni, ó ti ba kíndìnrín jẹ́. Láti ìgbà tí a ti sin ín, ìyá wa ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí mọ́ pé ọmọ kan fẹ́ fọn. Ọmọ Ìníṣà ni Mọ́mì, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà títí di òní, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni a sì ń lọ kí wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò lára wa ni eegun ọrùn.

Àwa méjì tí à ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá. Àwa méjèèjì la kàwé nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, a sì ń kọ sọ́fítíwíà fún àwọn oníbàárà tí a ò fojú kàn rí. Nígbà tí owó ilé l'Ékòó kọjá agbára wa, a kó padà sílé bàbá wa, a gbé páńẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí páànù, a sì jókòó tì í. Ìjókòó yẹn ló bí ohun tí a fẹ́ sọ. A ò sanra. Ẹni tó bá rí wa nínú ẹ̀wù á ní kò sí nǹkan tó ṣe wá. Ṣùgbọ́n tí a bá bọ́ ẹ̀wù, apá wa dà bí apá ọmọ ilé-ìwé, ikùn wa sì yọ síwájú bí ẹni gbé igbá pamọ́. Ẹ̀gbọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà l'Óṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ kan láìjẹun, ó jẹ́ 112. Láti 100 sí 125 ni wọ́n ń pè ní ẹnu ààlà: kì í ṣe àtọ̀gbẹ, kì í sì í ṣe àlàáfíà. A jókòó sínú mọ́tò láti Òṣogbo dé Ìkìrun, a ò sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni kí á febi pa ara wa títí ikùn á fi lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí apá rẹ̀ ti tín-ín-rín tẹ́lẹ̀, tó wá febi pa ara rẹ̀ láìṣe nǹkan míì, iṣan á bá ọ̀rá lọ. Á kàn di ẹni tín-ín-rín tó ṣì níkùn. Iṣan yìí gan-an sì ni ibi tó gba ṣúgà jù lára lẹ́yìn oúnjẹ. Tí ẹ bá dín in kù, ẹ ti dín àká kù nígbà tí ẹrù ṣì ń bọ̀. Ká má tilẹ̀ sọ ti Mọ́mì. Tí wọ́n bá rí i pé a ti fi kílò mẹ́jọ sílẹ̀, wọn ò ní sùn mọ́.

Nítorí náà a yan ọ̀nà kejì, èyí tó jẹ́ pé àwọn tí ò tíì gbé irin rí ló wúlò fún jù: kí á máa jẹ iye tí ara ń ná, tàbí kí á fi díẹ̀ dín in, kí purotéènì pọ̀ nínú rẹ̀, kí á sì máa gbé irin. Ìwọ̀n ara á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbi tó wà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwọ̀n yẹn á yí padà. Ọ̀rá á máa jáde, iṣan á máa wọlé.

Ó kọ́kọ́ rú àbúrò lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ohun tó ń wọlé bá bá ohun tó ń jáde dọ́gba, níbo ni ọ̀rá fẹ́ gbà lọ?" Ìbéèrè tó dáa ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kílò kan ọ̀rá ara ní nǹkan bí 7,700 kálórì nínú. Kílò kan iṣan ò sún mọ́ ìyẹn rárá, nítorí pé omi ló kó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀; agbára tó wà nínú rẹ̀ ò tó 2,000. Ká ní ara sun ọ̀rá kílò mẹ́ta, tó sì mọ iṣan kílò mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ 16. Sìkéèlì á ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ti tú bí 23,000 kálórì sílẹ̀, iṣan ò sì gbà ju 6,000 lọ nínú rẹ̀. Ìyókù, 17,000, ara ti ná an. Ẹ pín in sí ọjọ́ 112, ó jẹ́ nǹkan bí 150 lójúmọ́. Ìyẹn ni pé ẹni tí kílò rẹ̀ ò yẹ̀ ṣì ń jẹ díẹ̀ kéré sí ohun tó ń ná, ṣùgbọ́n "díẹ̀" yẹn ò ju ṣíbí epo kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ṣíbí epo yìí, a ó padà bá a.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, a lọ yẹ kíndìnrín wò, àwa méjèèjì, nítorí ti Bàbá. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ń ṣàìsàn, purotéènì púpọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ àfi tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Tiwa dáa. Ìwé àyẹ̀wò yẹn la gbé lọ sí Ìníṣà, a kà á fún Mọ́mì láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò ní rù?" A ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì, kílò wa ò ní yẹ̀." Wọ́n wò wá bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò dá a lójú.

Ẹ jẹ́ ká fi àbúrò ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 32 ni, ó wọn kílò 78, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 174. Ìlànà ìṣirò kan wà tí Mifflin àti St Jeor gbé jáde ní 1990, a sì kọ ọ́ bí a ṣe máa ń kọ gbogbo nǹkan:

```
bmr = 10*78 + 6.25*174 - 5*32 + 5   # 1712.5
tdee = bmr * 1.4                    # 2397.5
protein = 1.6 * 78                  # 124.8
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ohun tí ara ń ná tó bá kàn dùbúlẹ̀ lásán. Ìlà kejì fi ìrìn àti iṣẹ́ kún un, 1.4 yẹn sì jẹ́ ti ẹni tó ń jókòó púpọ̀. Fún obìnrin, dípò kí ẹ fi 5 kún un ní ìparí ìlà àkọ́kọ́, ẹ máa yọ 161 kúrò. Àfojúsùn lásán ni o, kì í ṣe òtítọ́. Nítorí náà a dán an wò bí a ṣe ń dán kóòdù wò: ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àbúrò jẹ bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, ó ń wọn oúnjẹ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó jẹ́ bí 2,400 lójúmọ́, kílò ò sì kúrò lójú kan. Ìṣirò bá ara mu. A yọ 150 kúrò, ó ku 2,250.

Ìlà kẹta ni èyí tó dójú tì wá. 1.6 gíráàmù fún kílò ara kọ̀ọ̀kan wá láti inú iṣẹ́ tí Morton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n kó ìwádìí 49 jọ, wọ́n sì rí i pé ẹni tó ń gbé irin máa ń rí èrè purotéènì títí dé bí ibẹ̀, lẹ́yìn náà èrè ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fún àbúrò, 125 gíráàmù lójúmọ́. Nígbà tí a ka ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ohun tó ń jẹ ò ju 55 lọ. Ẹ̀bà alẹ́ rẹ̀ ga bí òkè, ẹran orí rẹ̀ ò ju àtàǹpàkò méjì lọ, ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ pọ̀ǹmọ́. Ẹ máà bínú sí wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ pọ̀ǹmọ́. Ó ní purotéènì lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú èyí tí ara fi ń ṣe awọ àti okùn eegun ni, ó ṣaláìní díẹ̀ nínú àwọn èròjà tí iṣan ò lè ṣe láìsí wọn. A ṣì ń jẹ ẹ́. A kàn yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò ni.

Ẹ̀pà náà tàn wá jẹ. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹ̀pà ní bí 25 gíráàmù purotéènì, a ti ń yọ̀ kí á tó rí i pé kálórì tó bá a rìn lé ní 550. Nínú 2,250, ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ nìyẹn.

Ohun tó padà ṣiṣẹ́ ò ṣòro. Láàárọ̀, ẹyin mẹ́rin, tó jẹ́ 24 gíráàmù, pẹ̀lú àwo ẹ̀wà sísè tó jẹ́ bí 20. Ẹyin yìí, kírétì kírétì la máa ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń sin adìyẹ ní Ìníṣà tí a bá ti lọ kí Mọ́mì. Lọ́sàn-án, àmàlà tó dín sí ìdajì, ewédú, àti ẹja títù tó wọn 150 gíráàmù lẹ́yìn tó jiná, ìyẹn 35. Nírọ̀lẹ́, mílìkì lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, 30 gíráàmù, ó fún wa ní bíi 10. Lálẹ́, ìrẹsì àti adìyẹ, 100 gíráàmù ẹran láìka egungun, bí 28. Ìyẹn jẹ́ 117. Díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú àmàlà àti ìrẹsì parí rẹ̀. Nígbà tí owó bá há, ẹja ṣáwà àti ẹ̀wà ló máa ń gbà wá. A ò ra ìyẹ̀fun oníke tí wọ́n ń polówó kankan.

Ibi tí a ti ń gbé irin wà l'Ókukù, nítòsí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nínú ilé onípáànù kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Àwo irin tòótọ́ ibẹ̀ ò pọ̀. Ìyókù, wọ́n rọ sìmẹ́ńtì sínú garawa ọ̀dà ni, wọ́n sì fi ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. (Ẹ wọn ọ́n fúnra yín. Èyí tí wọ́n kọ 10 sí jẹ́ 11 àti ààbọ̀.) Ọjọ́ Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè àti Fúráìdè la máa ń wọ mọ́tò láti Ìkìrun, tí a ó gba Ìníṣà kọjá. Oríṣi márùn-ún péré la ń ṣe: kí á gbé irin lé ẹ̀yìn ọrùn, kí á lóṣòó, kí á sì dìde, kí á dùbúlẹ̀ ká ti irin sókè láti igbáàyà, kí á tẹ̀ síwájú ká fà á sí ikùn, kí á gbé e nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó tọ́, kí á tì í sókè orí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ sí méjìlá lẹ́ẹ̀kan, a ó sì dúró nígbà tó bá ku bí ẹyọ kan tàbí méjì tí a ṣì lè ṣe. Ọjọ́ tí a bá ti ṣe méjìlá ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, a ó fi kílò méjì àti ààbọ̀ kún un nígbà tó bá tún kàn.

Àfikún yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Purotéènì ò mọ ibi tó ń lọ tí irin ò bá pè é. A rí ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tó ti ń gbé 40 kílò kan náà látìgbà tó ti wà ní ọdún àkọ́kọ́. Ó lágbára láti gbé 40 kílò, ó parí síbẹ̀. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ ìlóṣòó pẹ̀lú 30. Lọ́sẹ̀ mẹ́rin ó ti dé 45, ó sì ń fẹ́ ká máa ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó rọra. Nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọpọlọ àti iṣan ló kàn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹran ara gangan ò tíì fi bẹ́ẹ̀ kún.

Lọ́sẹ̀ kẹfà ni wàhálà dé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, àbúrò gun sìkéèlì, ó ti fi kílò kan àti ẹ̀sún mẹ́fà lé. Ẹ̀rù bà á. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn gé oúnjẹ rẹ̀ sí ìdajì. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí irin tó ń gbé tẹ́lẹ̀ fi ń bò ó mọ́lẹ̀, kò rí oorun sùn, ó ń jágbe mọ́ èèyàn lórí kóòdù tí kò ní nǹkan kan. Nígbà tó jẹ́wọ́, a jókòó wo ìwé. Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, a lọ síbi ìgbéyàwó kan l'Ókukù. Iyán, ẹ̀fọ́ rírò oníyọ̀, ìrẹsì, ìyá àgbà kan tí kò gbà kí á kọ̀. Iyọ̀ ń di omi mú sára, àfipamọ́ ṣúgà inú iṣan náà ń di omi mú. Kò sí béèyàn ṣe lè fi ọ̀rá kílò kan àti ààbọ̀ kún ara lọ́jọ́ méjì. Á ní láti jẹ bíi 11,000 kálórì lé orí oúnjẹ rẹ̀. Iyán Okukù dùn, ṣùgbọ́n kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, a ò ka ìwọ̀n ọjọ́ kan sí mọ́. À ń wọn ara láràárọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti tọ̀, a ó ro ọjọ́ méje pọ̀, a ó pín in sí méje, èyí tó bá jáde la ó fi wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ti ẹ̀gbọ́n yàtọ̀. Irin rẹ̀ ń lọ sókè dáadáa, ṣùgbọ́n téèpù tí a ń fi yí ìdodo ká ò kúrò lórí 99 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìwé oúnjẹ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti ń wá ibi tí àṣìṣe wà kí a tó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sebẹ̀ fún wa. Ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ó da epo sí i láti inú ike, ó ní, "Brọ̀dá, ọbẹ̀ tí ò bá lépo lójú, ta ni ó jẹ ẹ́?" Ẹ̀gbọ́n ti ń kọ "ọbẹ̀, ṣíbí méjì" láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, láìbéèrè ohun tó léfòó lójú ṣíbí náà. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo jẹ́ bí 120 kálórì. Èyí tó ń bá ọbẹ̀ wọlé lójúmọ́ tó ṣíbí mẹ́ta. Ó ti ń jẹ 350 tí kò kọ sílẹ̀. Ó ń kọ́ iṣan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ò rí ìdí láti jáde. A ò ní kí wọ́n má fi epo sí i mọ́. A ra ife ìwọ̀n kékeré, a so ó mọ́ ẹnu ike epo. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í sún.

Báyìí la ṣe mọ bí nǹkan ṣe ń lọ: irin gbọ́dọ̀ máa lọ sókè, téèpù gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀, kílò kí ó dúró jẹ́ẹ́. Tí irin bá dúró, tí kílò ń já, oúnjẹ ti kéré jù. Tí irin ń lọ sókè, tí téèpù náà ń lọ sókè, epo wà níbì kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, àbúrò wọn 77.2, ìdodo rẹ̀ kúrò ní 97 bọ́ sí 91, ó ń lóṣòó pẹ̀lú 70 kílò. Ìyípadà yìí kì í pẹ́ títí. Ó ti ń falẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí irin, tí ọ̀rá rẹ̀ ò sì pọ̀ mọ́, ó máa ń ní láti yan ọ̀kan, bóyá kó sọ̀ kalẹ̀ ni tàbí kó gòkè. A ò tíì débẹ̀. Ṣúgà ẹ̀gbọ́n di 103. Ó ṣì wà lẹ́nu ààlà.

Nígbà tí ìrántí Bàbá ń sún mọ́lé, a lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ní Ìníṣà láti dá aṣọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ la ti rán aṣọ òkú, ìwọ̀n wa ṣì wà nínú ìwé rẹ̀, ó ní kò sídìí láti tún wọn wá. Àbúrò ní kó jọ̀ọ́, kó wọ̀n ọ́n. Mọ́mì jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń já ẹ̀fọ́.

Ó yí téèpù mọ́ ìdí ṣòkòtò, ó wo ìwé, ó tún yí i. Ó ní, "Ó ti fi ínṣì méjì àti díẹ̀ dín." A rí i tí ọwọ́ Mọ́mì dúró lórí ẹ̀fọ́. Wọ́n ní, "Kí lo wí?"

Télọ̀ ò gbọ́. Ó ti bọ́ sí èjìká, ó ń na téèpù láti apá kan dé èkejì, ó ń mi orí. "Àbí èmi ni mo kọ ọ́ ṣì? Mọ́mì, bùbá yìí ò lè gbà á mọ́ o, èjìká ẹ̀ ti fẹ̀, apá gan-an mà ti kún."

Mọ́mì gbé abọ́ ẹ̀fọ́ sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n wá di apá àbúrò mú lókè ìgúnpá, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún tẹ èkejì. Wọ́n ní, "Kílò mélòó lo wọ̀n?"

Ó ní, "Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin àti díẹ̀, Mọ́mì."

"Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Méjìdínlọ́gọ́rin."

Wọ́n ò tíì ju apá ẹ̀ sílẹ̀. Télọ̀ fi bírò fa ìlà sórí ìwọ̀n àtijọ́, ó kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.